Ìwé Owó Ilé, Ojúlé Mẹ́jọ, Mọ́níyà, Ìbàdàn: Títí di 30/9/2025

Màmá, ẹ kú iṣẹ́. Yàrá ni Y, yàrá kan pẹ̀lú pálọ̀ ni P, ṣọ́ọ̀bù ni Ṣ. Náírà ni gbogbo owó.

| Ojúlé | Ẹni tó wà níbẹ̀ | Owó ilé | Ọjọ́ sísan | Tó yẹ | Tó wọlé | Gbèsè |
|---|---|---|---|---|---|---|
| Y1 | Ìyá Ìbejì, alákàrà | 10,000 lóṣù | 1/8/2025 | 20,000 | 0 | 20,000 |
| Y2 | Télọ̀ | 10,000 lóṣù | 1/11/2025 | 10,000 | 20,000 | 0 |
| Y3 | Ó ṣófo láti 16/6/2025 | 10,000 lóṣù | – | 0 | 0 | 0 |
| Y4 | Ọlọ́kadà | 10,000 lóṣù | 1/9/2025 | 10,000 | 5,000 | 5,000 |
| P1 | Tíṣà | 300,000 lọ́dún | 1/3/2026 | 300,000 | 300,000 | 0 |
| P2 | Nọ́ọ̀sì | 300,000 lọ́dún | 1/7/2025 | 300,000 | 180,000 | 120,000 |
| P3 | Ó ṣófo láti 1/9/2025 | 300,000 lọ́dún | – | 0 | 0 | 0 |
| Ṣ1 | Olóògùn | 240,000 lọ́dún | 15/10/2025 | 240,000 | 240,000 | 0 |

Àpapọ̀ gbèsè àwọn tó ń gbé ilé: 145,000
Gbèsè ẹni tó ti kó kúrò ní P3: 20,000
Owó tí àyè òfìfo ti gbé lọ: 60,000

Fún ẹni tó jẹ gbèsè, ọjọ́ tí gbèsè rẹ̀ tó pẹ́ jù bẹ̀rẹ̀ ló wà lábẹ́ "Ọjọ́ sísan". Fún ẹni tí kò jẹ, ìgbà tí owó mìíràn máa kàn án ni. Orí fóònù ni ìwé yìí wà, ibi tí "Gbèsè" ti jẹ́ òpó G. Ohun tí a tẹ̀ sí ìlà kejì nìyí, kí ẹ fà á wálẹ̀ dé ìlà kẹsàn-án:

```
=MAX(0,E2-F2)
```

MAX ṣe pàtàkì. Télọ̀ ti san ti oṣù kẹwàá sílẹ̀. Bí ẹ bá kàn yọ F kúrò lára E, 10,000 rẹ̀ á di òǹkà òdì, á sì jẹ nínú gbèsè Ìyá Ìbejì nígbà tí ẹ bá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ìwé náà á sọ 135,000, irọ́ sì ni.

P2 ló ń mú ọ̀rọ̀ wá. Nọ́ọ̀sì ní oṣù mẹ́ta péré lòun tíì lò, pé 75,000 ni ìyẹn, pé òun tilẹ̀ ti san kọjá. Àmọ́ àdéhùn rẹ̀ sọ pé owó ọdún kan pátá ló gbọ́dọ̀ wọlé ní ọjọ́ kìíní oṣù keje. Nítorí náà 120,000 ló kù, kì í ṣe ìṣirò oṣù tó ti lò. Risíìtì 180,000 tó gbà ní 12/7/2025 sọ pé "apá kan owó ọdún 1/7/2025 sí 30/6/2026". Ẹ má ṣe gba owó kankan lọ́wọ́ rẹ̀ láìkọ irú gbólóhùn yìí, kó má bàa di pé ẹ ti sọ ọ́ di olóṣooṣù. Ìyẹn ní ohun tó ń fà lábẹ́ òfin: bí àdéhùn kò bá sọ nǹkan mìíràn, ìkìlọ̀ oṣù mẹ́fà ni ti ọlọ́dọọdún, oṣù kan ni ti olóṣooṣù, kí ìwé ọlọ́jọ́ méje tó tẹ̀ lé e. A kò tíì dé ibẹ̀, ìlérí tó kọ sílẹ̀ dá mi lójú jù lọ́yà lọ. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn.

Ti Ìyá Ìbejì, ọ̀la ni ti oṣù kẹwàá kàn án, gbèsè náà á di 30,000. Bó bá mú 10,000 wá, oṣù kẹjọ ni kí ẹ kọ ọ́ sí, kì í ṣe oṣù kẹwàá. Gbèsè tó pẹ́ jù ni owó ń kọ́kọ́ san.

Ẹni tó kúrò ní P3 lo oṣù méjì kọjá ọdún rẹ̀, 50,000. Ó fọwọ́ sí i pé kí a yọ 30,000 owó ìdógò rẹ̀ kúrò, ó ku 20,000. Mo yà á sọ́tọ̀ kó má bàa di gbèsè ẹni tó máa kó wọlé.

Àyè òfìfo kì í ṣe gbèsè, kò sẹ́ni tó jẹ ẹ́. Y3 ti pàdánù oṣù mẹ́ta ààbọ̀, 35,000. P3 pàdánù oṣù kan, 25,000. Sílíǹ tó ń jò ló mú kí àwọn tó wá wo Y3 má pa dà wá. Bí a kò bá tún un ṣe, ọgọ́rùn-ún wò ó, kò ní gbé e. P3 kò nílò ju ọ̀dà lọ. Ilé tó kún ń mú 135,000 wá lóṣù, báyìí 100,000 ni.

Ṣ1 ku ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Bí ẹ bá fẹ́ fi kún owó rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n mọ̀ kí n tó kọ ìwé ìrántí rẹ̀ lọ́la.

Alámòójútó ilé