Ìwé Ìpè síbi Ìsọmọlórúkọ

Ojúlé 14, Òpópónà Ìrẹ̀wùmí,
Àkóbọ̀, Ìbàdàn.
Ọjọ́ Ajé, 5 Oṣù Kẹwàá, 2026.

Ẹ̀yin ẹbí, ọ̀rẹ́ àti ojúlùmọ̀ wa,

Ẹ bá wa dúpẹ́: ìyá yè, ọmọ yè. Ọmọbìnrin làǹtìlanti dé sílé wa ní àfẹ̀mọ́júmọ́ Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 3 Oṣù Kẹwàá. Bí a bá ka ọjọ́ ìbí mọ́ ọn, ọjọ́ kẹjọ bọ́ sí Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 10 Oṣù Kẹwàá, 2026. Ọjọ́ náà la ó sọ ọ́ lórúkọ, nínú ọgbà ilé wa tí àdírẹ́sì rẹ̀ wà lókè yìí. Ìdílé Ọláòṣebìkan àti ìdílé Adéṣínà ń pè yín tọwọ́tẹsẹ̀.

Aago méje àbọ̀ òwúrọ̀ la ó bẹ̀rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, aago méje àbọ̀ gidi ni o, kì í ṣe ti òde àríyá. Ẹ gbìyànjú kí ẹ ti jókòó ní aago méje ààbọ̀ ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ìsọmọlórúkọ fúnra rẹ̀ kò ní ju wákàtí kan lọ. Ẹni tó bá dé ní aago mẹ́sàn-án, oúnjẹ ló bá, kò bá orúkọ. A ó gbé oúnjẹ kalẹ̀ ní aago mẹ́sàn-án, gbogbo rẹ̀ yóò sì parí ní aago kan ọ̀sán, nítorí pé ìyá ọmọ ní láti sinmi.

Bàbá bàbá ọmọ ni yóò pe orúkọ. Omi, iyọ̀, oyin, orógbó, obì àti atare ni a ó fi wúre. Kí ẹnikẹ́ni má bínú bí a kò bá fi wọ́n kan ẹnu ọmọ: àwọn dókítà kò fẹ́ kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan lá oyin rárá, atare sì ta jù fún un. Ìyá rẹ̀ ni yóò tọ́ wọn wò nípò rẹ̀, lẹ́yìn náà ni a ó gbé wọn kiri fún gbogbo ilé. Ìyá àgbà, ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò tó bá fẹ́ fún ọmọ lórúkọ, kó fi orúkọ náà pẹ̀lú ìtumọ̀ rẹ̀ ránṣẹ́ ṣáájú, kí akọ̀wé lè kọ ọ́ bó ṣe yẹ, pẹ̀lú àmì ohùn. Owó tí ẹ bá fẹ́ sọ sínú abọ́ omi lọ́jọ́ náà wà lọ́wọ́ yín. Kò sí iye kan pàtó.

Ní ti aṣọ, a kò ta aṣọ ẹbí. Ọjọ́ márùn-ún kò tó fún télọ̀, ọ̀pọ̀ ni aṣọ rẹ̀ kò ní dé. Funfun tàbí àdìrẹ tí ẹ ti ní nílé ni kí ẹ wọ̀. Kí gèlè tàbí fìlà jẹ́ aláwọ̀ aró. Òjò ò tíì kásẹ̀ nílẹ̀, bẹ́ẹ̀ koríko ló pọ̀ nínú ọgbà wa, gìgísẹ̀ bàtà tó ga á rì. Bàtà pẹlẹbẹ ló dára jù. Ẹ̀yin tó máa gbé ọmọ, ẹ má fín lọ́fínńdà, ẹ sì fọwọ́ yín kí ẹ tó gbà á. Omi àti ọṣẹ yóò wà lẹ́nu ọ̀nà. Ẹni tó bá ń wúkọ́ tàbí tó ń fọnkun, kó kí i láti ọ̀ọ́kán.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún wa lésì kó tó di aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú, 7 Oṣù Kẹwàá. Olóúnjẹ yóò lọ sọ́jà láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, iye tí a bá fún un ló máa fi ra nǹkan. Ọgọ́rin àga ló wà lábẹ́ àtíbàbà. Àǹtí Bísí, ẹ̀gbọ́n ìyá ọmọ, tó fi ìwé yìí ránṣẹ́ sí yín lórí Wásáàpù, ni kí ẹ dá lóhùn. Ẹ má kọ “à ń bọ̀” lásán, ẹ kọ báyìí: “Àgbà méjì, ọmọdé kan, mọ́tò kan, ẹnì kan kì í jẹ ẹran.” Ẹni tí kò bá ní lè wá, kó sọ pẹ̀lú, ká lè fi àga rẹ̀ fún ẹlòmíràn. Ẹni tí a kò bá gbọ́ nǹkan kan lẹ́nu rẹ̀ di aago mẹ́fà, a ó kà á sí ẹni tí kò ní wá.

Ọkọ̀ mẹ́jọ péré ló lè wọ inú ọgbà, àwọn àgbàlagbà la fi í sílẹ̀ fún. Ẹ̀yin yòókù, ẹ páàkì sí apá ọ̀tún òpópónà, kí ẹ má dí géètì àwọn aládùúgbò. Géètì dúdú tí a so aṣọ funfun mọ́ ni tiwa. Ẹ lè ya fọ́tò bó ṣe wù yín, àmọ́ ẹ má gbé ojú ọmọ sórí ẹ̀rọ ayélujára.

À ń retí yín.

Tiyín ní tòótọ́,
Adéwálé àti Fúnmiláyọ̀ Ọláòṣebìkan
(Bàbá àti ìyá ọmọ tuntun)