Táìmù tẹ́ ẹ máa fi gbé àwọn èrò ìgbéyàwó ní Sátidé

Ẹ káàárọ̀ o bọ̀ọ̀dá wa. Èmi ẹ̀gbọ́n ìyàwó tá a jọ sọ̀rọ̀ lánàá ni. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ fi mẹ́séèjì yìí pamọ́ sórí fóònù yín, torí mi ò ní ráyè gbé fóònù lọ́jọ́ náà.

Aago 11:00 ni ètò máa bẹ̀rẹ̀, mo fẹ́ kí gbogbo èrò ti wà ní hóòlù ní 10:30. Ẹ̀yìn ni mo ti ṣírò ẹ̀ bọ̀. Nínú ìgboro mo fún kìlómítà kan ní ìṣẹ́jú 3, torí ọkọ̀ ń pọ̀ láàárọ̀ Sátidé.

Òtẹ́ẹ̀lì lẹ ti máa bẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ débẹ̀ ní 8:45, èèyàn 14 ló wà níbẹ̀ pẹ̀lú ẹrù, kẹ́ ẹ gbéra ní 8:55. Láti ibẹ̀ dé geeti ilé-ìwé jẹ́ kìlómítà 4, ìṣẹ́jú 12 nìyẹn, ẹ ti máa débẹ̀ kó tó di 9:10. Èèyàn 6 péré ni, ọ̀dọ́ ni gbogbo wọn, wọn ò gbọ́dọ̀ dá yín dúró kọjá 9:15.

Ibi kẹta ló ṣe pàtàkì jù, ilé àwọn ìyá àgbà. Kìlómítà 6 ni láti ilé-ìwé, ìṣẹ́jú 18, ẹ máa débẹ̀ ní nǹkan bíi 9:33. Àwọn 5 ni, ọ̀kan ń lo kẹ̀kẹ́ arọ, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fi ààyè sílẹ̀ fún un nínú búùtù, ẹ má sì kán wọn lójú rárá. Mo fún wọn ní ìṣẹ́jú 12, kẹ́ ẹ kúrò ní 9:45. Ẹ wọnú kọ́ńpáùndù lọ, ẹ má jẹ́ kí wọ́n rìn wá títì.

Gáréèjì ló kẹ́yìn, kìlómítà 3 sí ibẹ̀, ẹ máa dé 9:54, èèyàn 4, kẹ́ ẹ ṣí ní 10:00. Kìlómítà 12 ló kù dé hóòlù, títì ńlá ni, ìṣẹ́jú 18 ti tó tẹ́ ẹ bá ń sá 40 láàárín wákàtí, ìyẹn 10:18, ìṣẹ́jú 12 tó ṣẹ́kù wà fún sún kẹrẹ fà kẹrẹ. Ẹ má tìtorí ẹ̀ sáré o.

Gbogbo wọn jẹ́ 29, àga yín 30, àbúrò mi ló máa jókòó sí ẹyọ kan tó kù, òun ló máa mú orúkọ àwọn èèyàn dání, òtẹ́ẹ̀lì náà ló sùn. Mo ti sọ fún àwọn tòtẹ́ẹ̀lì pé 8:35 lẹ ń bọ̀, ẹ má tú mi fó, mo mọ àwọn èèyàn mi. Ẹni tí ò bá sí níbi tó yẹ kó wà, ẹ dúró ìṣẹ́jú 5 péré, àfi àwọn ìyá àgbà. Tẹ́ ẹ bá pẹ́ kúrò ní òtẹ́ẹ̀lì, ẹ jẹ́ kí àbúrò mi pe àwọn tó kù lójú ẹsẹ̀, ẹ má fo ibì kankan.

Ẹ rọ epo sínú ọkọ̀ láti alẹ́ Fúráìdè o. Tẹ́ ẹ bá rí i pé ọ̀nà kan nínú rẹ̀ ò ní ṣe é gbà, ẹ sọ fún mi lónìí kí n tún táìmù yẹn ṣe kí n tó fi ránṣẹ́ sáwọn èrò.