Ìjọba Tiwantiwa àti Ìyapa Agbára: ìwé ìléwọ́ fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kẹrin, ní Yorùbá àti Faransé

Kíláàsì ẹ̀kọ́ ọmọ-ìlú, Kétu. Ọdún ẹ̀kọ́ 2025-2026. Wákàtí méjì. Ẹ mú bíìkì àti bébà wá, nítorí ìṣirò wà nínú ẹ̀kọ́ yìí.

Orúkọ méjì fún nǹkan kan

Faransé ni wọn yóò fi béèrè ọ̀rọ̀ yìí nínú ìdánwò. Nílé àti lọ́jà, Yorùbá la fi ń jiyàn rẹ̀. Ẹ kọ́ méjèèjì pọ̀. Bí etí ṣe ń gbọ́ Faransé náà lórí rédíò la ṣe kọ ọ́ síbí. Olùkọ́ yóò kọ bí ìwé ṣe ń kọ ọ́ sójú pátákó, kí ẹ dà á kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

- Ìjọba tiwantiwa: demokrasí
- Ìyapa agbára: sẹparasiọn de pufúà
- Òfin ìpilẹ̀: kọnsititisiọn
- Ẹ̀ka aṣòfin: pufúà lejislatífù
- Ẹ̀ka aláṣẹ: pufúà ẹsekitífù
- Ẹ̀ka ìdájọ́: pufúà judisiẹ́ẹ̀
- Ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin: Asanblé Nasiọnáàlì
- Aṣòfin: depité
- Ilé ẹjọ́ òfin ìpilẹ̀: Kúù Kọnsititisiọnẹ́ẹ̀lì
- Àbá òfin tó ti ọ̀dọ̀ ìjọba wá: projẹ́ de luwà
- Àbá òfin tí depité gbé wá: proposisiọn de luwà
- Ìbò tí gbogbo ìlú fi ń gba òfin tàbí kọ̀ ọ́: referandọ́mù
- Ìwé ìpẹ̀jọ́: rekẹ́ẹ̀tì

Projẹ́ àti proposisiọn ló máa ń da akẹ́kọ̀ọ́ rú jù. Ẹ bi ara yín pé ọwọ́ ta ló kọ́kọ́ gbé e jáde. Bí ó bá jẹ́ ìjọba, projẹ́ ni. Bí ó bá jẹ́ depité, proposisiọn ni.

1. Ìbò nìkan kò tó

Ọjọ́ kìíní oṣù Kẹjọ ọdún 1960 ni Dàhómì gba òmìnira lọ́wọ́ Faransé. Láti 1963 sí 1972, àwọn sójà gba ìjọba léraléra. Èyí tó kẹ́yìn, ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹwàá 1972, ló gbé Mathieu Kérékou dé orí oyè. Ní 1975 orúkọ ìlú yí padà di Bẹ̀nẹ̀, ẹgbẹ́ òṣèlú kan ṣoṣo ló sì ṣẹ́kù.

Ẹ fara balẹ̀ níbí. Lábẹ́ ẹgbẹ́ kan ṣoṣo yẹn, àwọn ènìyàn dìbò. Wọ́n tò, wọ́n ju ìwé sínú àpótí. Ṣùgbọ́n orúkọ ẹgbẹ́ kan náà ló wà níwájú wọn: bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Nítorí náà, bí wọ́n bá bi yín pé kí ni demokrasí, tí ẹ sì dáhùn pé «ibi tí wọ́n ti ń dìbò», ìdáhùn náà kò pé. Ẹ fi mẹ́ta kún un: kí ó ju ẹnì kan lọ tí a lè yàn, kí ẹni tó wà nípò lè fìdí rẹmi kó sì lọ, kí òfin kan wà tí ẹni tó wọlé kò lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ nìkan yí padà.

Ìpàdé àpérò orílẹ̀-èdè, tí Bíṣọ́ọ̀bù àgbà Isidore de Souza darí ní Kútọnu láti ọjọ́ 19 sí 28 oṣù Kejì 1990, ló ṣí ọ̀nà fún èyí. Àwọn ará ìlú fi referandọ́mù gba òfin ìpilẹ̀ ní ọjọ́ kejì oṣù Kejìlá ọdún yẹn. Ọjọ́ 11 oṣù náà ni wọ́n kéde rẹ̀. Ní 1991 Nicéphore Soglo borí Kérékou nínú ìbò, Kérékou sì kúrò. Ní 1996 ó padà wá nípa ìbò. Ìrìn àlọ àti àbọ̀ yẹn ni ẹ fi sínú ìdáhùn yín bí wọ́n bá ní kí ẹ fi àpẹẹrẹ gbè é.

2. Ọwọ́ mẹ́ta

Ní 1748, Montesquieu, ọmọ Faransé, kọ ọ́ pé ẹni tó bá ní agbára yóò máa tì í síwájú títí yóò fi kan odi. Bí ẹni tó ń ṣe òfin bá jẹ́ ẹni tó ń fi òfin ṣiṣẹ́, yóò gé òfin ní ìwọ̀n ọrùn ara rẹ̀. Bí ó bá tún jẹ́ òun ni adájọ́, ta ni a ó lọ bá?

Ní Bẹ̀nẹ̀, Ààrẹ ni olórí orílẹ̀-èdè, òun náà sì ni olórí ìjọba. Òun ló ni pufúà ẹsekitífù. Ẹ̀ka aṣòfin wà ní Àjàṣẹ́, níbi tí Asanblé Nasiọnáàlì ti ń jókòó. Láti ìbò 2023, depité jẹ́ 109, 24 nínú àga wọn sì jẹ́ ti obìnrin nìkan, ọ̀kan fún agbègbè ìbò kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀ka ìdájọ́ ni Kúù Siprẹ́mù, pẹ̀lú ilé ẹjọ́ mìíràn tó ń yẹ owó ìlú wò, àti àwọn ilé ẹjọ́ kéékèèké tí à ń pè ní tiribináàlì. Kúù Kọnsititisiọnẹ́ẹ̀lì dúró lọ́tọ̀: adájọ́ méje, Ààrẹ yan mẹ́ta, ọ́fíìsì Asanblé yan mẹ́rin.

Ààrẹ ń gbé Kútọnu, Asanblé wà ní Àjàṣẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ kan tàbí méjì máa ń kọ èyí sílẹ̀ bí ẹ̀rí ìyapa agbára. Ọ̀nà títì ni, kì í ṣe ìyapa.

Àwọn mìíràn máa ń béèrè nípa ààfin: ṣé Alákétu tàbí Ọba Ṣábẹ̀ẹ́ kò ní ìgbìmọ̀ tó ń dá a dúró ni? Ó ní. Ọba kì í dá nìkan sọ̀rọ̀ láìsí ìjòyè. Ṣùgbọ́n àwọn tó jókòó ṣe òfin ìlú náà ló jókòó dájọ́. Ìdènà wà níbẹ̀. Ìyapa kò sí. Ẹ má pa méjèèjì pọ̀.

3. Ta ló lè sọ fún ta pé rárá?

Ibí ni ẹ̀kọ́ wà. Ẹni tó bá kàn ka orúkọ ẹ̀ka mẹ́ta sílẹ̀ kò tíì dáhùn ìbéèrè.

Depité kò lè lé Ààrẹ kúrò nípa ìbò àìfọkàntán. Ààrẹ náà kò lè tú Asanblé ká. Ìyẹn ni a ń pè ní rejímù presidansiẹ́ẹ̀lì. Ohun tí depité ní ni ìbéèrè àfẹnusọ, ìbéèrè àkọsílẹ̀, ìpè kí ìjọba wá ṣàlàyé, ìgbìmọ̀ ìwádìí, àti owó: láìsí ìbò wọn, ìnáwó ọdún kò lọ ní ọ̀nà tó yẹ. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá jẹ́ kí ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá kọjá láìdìbò, ìjọba lè fi ọ̀dọ́náǹsì, ìyẹn àṣẹ ìjọba tó ní agbára òfin, mú ìnáwó náà ṣiṣẹ́. Dídákẹ́ depité kò túmọ̀ sí «rárá».

Bí Asanblé bá dìbò fún òfin, Ààrẹ ní ọjọ́ 15 láti kéde rẹ̀. Bí kò bá fẹ́ ẹ, ó lè dá a padà kí wọ́n tún un yẹ̀ wò. Nígbà kejì, ìdajì gbogbo depité àti ẹnì kan lé ni òfin ń béèrè: nínú 109, ó jẹ́ 55. Bí Ààrẹ bá ṣì kọ̀, Kúù Kọnsititisiọnẹ́ẹ̀lì lè sọ òfin náà di èyí tó ń ṣiṣẹ́. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni láti ka 55 sí ìdajì àwọn tó wà nínú yàrá lọ́jọ́ náà. Gbogbo ilé ni, ẹni tó wá àti ẹni tí kò wá.

Kúù yìí ti bá depité fúnra wọn wí. Ní 2006 wọ́n fi ọdún kan kún ìgbà tiwọn, láti mẹ́rin sí márùn-ún, nígbà tí wọ́n ṣì wà lórí àga. Ní ọjọ́ kẹjọ oṣù Keje ọdún náà, Kúù fagi lé e pé ó lòdì sí ìfọ̀rọ̀wérọ̀ àti ìfohùnṣọ̀kan tí òfin ìpilẹ̀ 1990 dúró lé. Ohun tó ṣe pàtàkì fún wa: iye ìbò wọn pé, síbẹ̀ ó já.

4. Ìṣirò àtúnṣe òfin ìpilẹ̀

Ìgbésẹ̀ méjì ló wà. Àkọ́kọ́, kí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin depité gbà pé kí wọ́n gbé àbá náà yẹ̀ wò. Lẹ́yìn náà, ó di ti ará ìlú nínú referandọ́mù, àfi bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún depité bá dìbò fún un, tí referandọ́mù kò ní pọn dandan mọ́. Nígbà gbogbo, bí ìṣirò bá já sí ìdá, ẹ lọ sí nọ́ńbà odidi tó ga. Kò sí ìdá ènìyàn.

Nígbà tí depité jẹ́ 83: 83 × 3 ÷ 4 = 62.25, nítorí náà 63. Ní ọjọ́ kẹrin oṣù Kẹrin 2017, àbá kan rí 60. Ẹni mẹ́ta péré ni wọ́n fi kùnà. Kò tilẹ̀ dé ìgbésẹ̀ kejì.

Nísinsìnyí tí wọ́n jẹ́ 109: 109 × 3 ÷ 4 = 81.75, ó di 82. 109 × 4 ÷ 5 = 87.2, ó di 88. Ní oṣù Kọkànlá 2025, 90 dìbò bẹ́ẹ̀ ni, 19 kọ̀. 90 ju 88 lọ, nítorí náà kò lọ sí referandọ́mù. Àtúnṣe yẹn sọ ìgbà Ààrẹ àti ti depité di ọdún méje, ó sì dá Sẹ́náà, ilé kejì, sílẹ̀. Bí ìwé tí ẹ̀gbọ́n yín fi sílẹ̀ bá sọ pé ọdún márùn-ún ni ti Ààrẹ, tí Asanblé sì jẹ́ ilé kan ṣoṣo, ẹ wo ọdún tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ kí ẹ tó dà á kọ.

Ní 2019, ẹgbẹ́ méjì tó wà lẹ́yìn Ààrẹ nìkan ló kópa nínú ìbò Asanblé. Ọdún yẹn náà ni àtúnṣe òfin ìpilẹ̀ rọrùn láti kọjá. Ojú ìwé òfin kò yí padà ní ti ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún. Àwọn tó jókòó ló yí padà. Odi tó ga fún ilé oníyapa a máa kúrú fún ilé ohùn kan.

5. Rekẹ́ẹ̀tì: ọ̀nà ará ìlú

Ọmọ-ìlú èyíkéyìí lè kọ̀wé sí Kúù Kọnsititisiọnẹ́ẹ̀lì bí ó bá gbà pé òfin kan tako òfin ìpilẹ̀. Kò nílò lọ́yà. Ẹ kọ orúkọ ìdílé àti orúkọ àbísọ, àdírẹ́sì tó ṣe kedere (àdúgbò, ìlú, komíìnì), ọjọ́, ohun tó ṣẹlẹ̀, àti abala òfin ìpilẹ̀ tí ẹ gbà pé wọ́n rú. Ẹ buwọ́ lù ú. Ẹni tí kò mọ̀wé lè fi ìka tẹ̀ ẹ́. Ẹ fi ẹ̀dà kan pa mọ́ sílé.

Ohun méjì ló máa ń jẹ́ kó padà sílé. Èkíní ni àdírẹ́sì tí kò sí tàbí ìwé tí a kò buwọ́ lù. Èkejì ni ẹjọ́ tí kì í ṣe tirẹ̀: ìjà ilẹ̀ láàárín ìdílé méjì ní Ṣábẹ̀ẹ́, gbèsè, ìkọ̀sílẹ̀. Ìyẹn, tiribináàlì ni. Bí ẹjọ́ bá sì ti wà níwájú adájọ́, tí wọ́n fẹ́ fi òfin tí ẹ gbà pé kò dára dá yín lẹ́jọ́, ẹ sọ ọ́ níbẹ̀: adájọ́ gbọ́dọ̀ dá ẹjọ́ dúró, Kúù sì ní ọjọ́ 30 láti fèsì.

6. Iṣẹ́ ṣíṣe, ìṣẹ́jú 25, ẹni mẹ́rin mẹ́rin

a) Ìjọba gbé àbá kan wá láti yí òfin ìpilẹ̀ padà. 84 nínú 109 gbà kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Ní ìparí 86 dìbò fún un. Kí ló kàn? Kí ni ẹ ó pe àbá náà ní Faransé?

b) Prefẹ́ sọ fún adájọ́ tiribináàlì bí yóò ṣe dá ẹjọ́ ilẹ̀ kan. Ẹ̀ka wo ló wọ inú oko ẹ̀ka wo?

d) Ààrẹ dá òfin padà. Ọjọ́ tí wọ́n tún un dìbò, 80 depité ló wá. 50 sọ bẹ́ẹ̀ ni, 30 kọ̀. Ṣé ó kọjá?

Ìdáhùn, fún ẹni tó ti kọ tirẹ̀ tán: (a) 84 ju 82 lọ, ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ kọjá, 86 kò tó 88, referandọ́mù ló kàn, projẹ́ ni. (b) Ẹsekitífù wọ oko judisiẹ́ẹ̀. Adájọ́ kò gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni bí kò ṣe òfin. (d) Kò kọjá. 55 ni, 50 kò tó, bí ó tilẹ̀ ju ìdajì àwọn tó wá lọ.