Ìdánrawò lórí gbèdéke àkókò nínú ẹjọ́ aráàlú: ìbéèrè márùn-ún pẹ̀lú àlàyé

Òfin Nàìjíríà ni gbogbo ìbéèrè wọ̀nyí dá lé. Ìdáhùn kan ṣoṣo ló tọ̀nà lábẹ́ ìbéèrè kọ̀ọ̀kan. Kí ẹ tó mú lẹ́tà kankan, ẹ kọ́kọ́ wádìí ọjọ́ tí kíkà bẹ̀rẹ̀ àti irú ìpinnu tàbí ìwé tó wà níwájú yín, nítorí ọ̀pọ̀ tó ń kùnà ló mọ iye ọjọ́ lórí, ṣùgbọ́n tí wọn kò mọ ibi tí wọ́n ti ń kà á.

Ìbéèrè 1. Ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 17, oṣù Kẹrin, 2025, Ilé-ẹjọ́ Gíga kan ní Ìbàdàn kọ̀ láti fún olùpẹ̀jọ́ ní àṣẹ tí yóò dá olùjẹ́jọ́ dúró títí ẹjọ́ yóò fi parí. Olùpẹ̀jọ́ fẹ́ lọ sí Ilé-ẹjọ́ Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Ọjọ́ wo ni gbèdéke rẹ̀ yóò pé?

A. Ọjọ́ 1, oṣù Karùn-ún, 2025
B. Ọjọ́ 2, oṣù Karùn-ún, 2025
D. Ọjọ́ 7, oṣù Karùn-ún, 2025
E. Ọjọ́ 17, oṣù Keje, 2025

Ìdáhùn: B. Ìpinnu àárín ẹjọ́ ni èyí, nítorí kò yanjú ohun tí àwọn méjèèjì ń jà lé lórí. Abala 24 nínú Òfin Ilé-ẹjọ́ Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn fún irú rẹ̀ ní ọjọ́ 14. Abala 15 nínú Òfin Ìtumọ̀ Òfin sọ pé a kì í ka ọjọ́ tí nǹkan ṣẹlẹ̀ mọ́ ọn, nítorí náà ọjọ́ 18, oṣù Kẹrin ni ọjọ́ kìíní, ọjọ́ 1, oṣù Karùn-ún sì ni ọjọ́ kẹrìnlá. Ṣùgbọ́n Ọjọ́ Àwọn Òṣìṣẹ́ ni ọjọ́ náà, ìsinmi gbogboogbò ni, òfin sì sún un sí ọjọ́ kejì tí kì í ṣe ìsinmi.

Ẹni tó mú A ka ọjọ́ rẹ̀ dáadáa, àmọ́ kò wo kàlẹ́ńdà nígbà tó kà á tán. Ẹni tó mú D yọ gbogbo ọjọ́ Àìkú, ìsinmi Àjíǹde àti Ọjọ́ Àwọn Òṣìṣẹ́ kúrò nínú kíkà. Ìgbà tí gbèdéke kò bá ju ọjọ́ mẹ́fà lọ nìkan ni òfin gba irú ìyọkúrò bẹ́ẹ̀ láàyè. E ni oṣù mẹ́ta tí abala kan náà fi fún ìpinnu àṣekágbá. Àṣìṣe tó burú jù nínú mẹ́ta ni E, nítorí ẹni tó bá gbà á gbọ́ yóò sùn lé ẹ̀tọ́ rẹ̀ títí ọjọ́ 14 yóò fi kọjá, ẹ̀bẹ̀ fún àfikún àkókò ni yóò sì kù fún un, èyí tí ilé-ẹjọ́ lè kọ̀.

Ìbéèrè 2. Ẹnì kan gbé ọ̀gá àgọ́ ọlọ́pàá lọ sí ilé-ẹjọ́ lábẹ́ Ìlànà Ìdáàbòbò Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn ti 2009. Wọ́n fún ọ̀gá náà ní ìwé ẹjọ́ ní Ọjọ́rú, ọjọ́ 11, oṣù Kẹfà, 2025. Ọjọ́ wo ni ọjọ́ márùn-ún tó ní láti fèsì yóò pé?

A. Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 16, oṣù Kẹfà
B. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 17, oṣù Kẹfà
D. Ọjọ́rú, ọjọ́ 18, oṣù Kẹfà
E. Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 19, oṣù Kẹfà

Ìdáhùn: D. Níbí, gbèdéke kò ju ọjọ́ mẹ́fà lọ, nítorí náà ìyọkúrò tí kò ṣiṣẹ́ ní ìbéèrè kìíní ló ń ṣiṣẹ́ báyìí. Ọjọ́ 12, oṣù Kẹfà jẹ́ Ọjọ́ Ìjọba Àwarawa, a yọ ọ́. Ọjọ́ 15 jẹ́ ọjọ́ Àìkú, a yọ òun náà. Ohun tó kù fún kíkà ni ọjọ́ 13, 14, 16, 17 àti 18.

Ẹni tó mú A kò yọ ọjọ́ kankan, bí ẹni pé ọjọ́ 14 ló ń kà. B rántí ìsinmi ìjọba, ó gbàgbé ọjọ́ Àìkú. E yọ ọjọ́ Àbámẹ́ta mọ́ ọn, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ Àìkú àti ìsinmi gbogboogbò nìkan ni òfin náà pè ní ọjọ́ ìsinmi. Pé ilẹ̀kùn ọ́fíìsì akọ̀wé kóòtù wà ní títì lọ́jọ́ Àbámẹ́ta kò yí ìtumọ̀ yẹn padà. Ẹ fi ọwọ́ ara yín kà á lórí kàlẹ́ńdà, kí ẹ tó kọjá sí èyí tó kàn.

Ìbéèrè 3. Ilé-ẹjọ́ Gíga ìpínlẹ̀ kan fún olùjẹ́jọ́ ní ọjọ́ 21 láti dáhùn ìwé ìpẹ̀jọ́. Ìpínlẹ̀ mìíràn ni olùjẹ́jọ́ ń gbé, ibẹ̀ ni wọn yóò sì ti fún un ní ìwé náà. Ọjọ́ mélòó, ó kéré tán, ló gbọ́dọ̀ wà lórí ìwé?

A. 14
B. 21
D. 30
E. 60

Ìdáhùn: D, gẹ́gẹ́ bí abala 99 nínú Òfin Ṣẹ́rífù àti Ìwé Ẹjọ́ Aráàlú ti wí. Bí ìlànà ilé-ẹjọ́ bá fúnni ní ju 30 lọ, èyí tó gùn jù la ó lò. B ló tọ̀nà fún ẹni tó ń gbé inú ìpínlẹ̀ náà. A jẹ́ ti ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn lórí ìpinnu àárín ẹjọ́, E sì jẹ́ iye ọjọ́ tí wọ́n fi ń dá ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn lórí ìdìbò.

Ìbéèrè 4. Àwọn agbẹjọ́rò parí àwíjàre ìkẹyìn ní ọjọ́ 3, oṣù Kejì, 2025. Adájọ́ kò ka ìdájọ́ títí di ọjọ́ 20, oṣù Karùn-ún. Kí ni ipò ìdájọ́ náà?

A. Òfo ni láti ìbẹ̀rẹ̀.
B. Ó dúró, àfi bí ẹni tó ń ṣàròyé bá fi hàn pé ìdádúró náà mú kí wọ́n ṣe àìṣòdodo sí òun.
D. Wọ́n gbọ́dọ̀ tún ẹjọ́ gbọ́ níwájú adájọ́ mìíràn.
E. Kò sí àléébù kankan, ìmọ̀ràn lásán ni ọjọ́ 90.

Ìdáhùn: B. Abala 294 nínú Ìwé Òfin Orílẹ̀-èdè ti 1999 fún adájọ́ ní ọjọ́ 90 lẹ́yìn àwíjàre ìkẹyìn. Ó ti kọjá wọn níbí, ṣùgbọ́n abala kékeré karùn-ún sọ pé ìkọjá nìkan kò tó láti wọ́gi lé ìdájọ́.

Kò yà mí lẹ́nu pé ọ̀pọ̀ ń mú A, nítorí òfin ni tẹ́lẹ̀ rí: nínú ẹjọ́ Ìféèzúẹ̀ àti Ḿbàdúgà, 1984, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ sọ irú ìdájọ́ bẹ́ẹ̀ di òfo lábẹ́ Ìwé Òfin 1979. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tún òfin ṣe, kí ẹni tó jàre má baà pàdánù nítorí ìfàsẹ́yìn tí kì í ṣe ẹjọ́ rẹ̀. Bí a bá mú D, a ti mú ìyà adájọ́ gbé ka àwọn tó ń jà lórí, tí wọn yóò tún máa wá ẹlẹ́rìí kiri, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ti fi àìṣòdodo kankan hàn. E náà kò tọ̀nà: abala kékeré kẹfà ní kí ilé-ẹjọ́ fi ìkọjá náà tó alága Ìgbìmọ̀ Àwọn Adájọ́ Lápapọ̀ létí.

Ìbéèrè 5. Ní ọjọ́ 10, oṣù Kìíní, 2025, òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ kan tó wà lẹ́nu iṣẹ́ fi ọkọ̀ akẹ́rù gbá àpótí onígíláàsì obìnrin oníṣòwò kan, ó fọ́ yángá. Ilé iṣẹ́ náà ń dúnàá-dúrà pẹ̀lú obìnrin náà títí di oṣù Kẹrin. Ó rí agbẹjọ́rò ní ọjọ́ 22, oṣù náà, ó sì pe òṣìṣẹ́ náà lẹ́jọ́ ní ọjọ́ 30. Èwo ló tọ̀nà?

A. Àkókò ti kọjá.
B. Ìdúnàá-dúrà dá kíkà dúró.
D. Ọjọ́ tó rí agbẹjọ́rò ni kíkà bẹ̀rẹ̀.
E. Ó ní ọdún mẹ́fà.

Ìdáhùn: A. Òfin Ìdáàbòbò Òṣìṣẹ́ Ìjọba, abala 2, fún un ní oṣù mẹ́ta láti ọjọ́ tí nǹkan ṣẹlẹ̀. Ìkọlù ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni, kì í ṣe ìpalára tó ń bá a lọ, èyí tí oṣù mẹ́ta rẹ̀ ì bá bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tó dópin. Ẹjọ́ Ebóìgbé àti ilé iṣẹ́ epo rọ̀bì ìjọba, 1994, ló já B: ìdúnàá-dúrà kì í dá kíkà dúró. Òfin kò mọ ọjọ́ tó wà nínú D rárá. E jẹ́ ti àdéhùn lásán, kò sì sí àdéhùn kankan láàárín obìnrin yìí àti ẹni tó wa ọkọ̀.