Àwọn ìwé fún àyẹ̀wò: Ọlábísí Láwàl, HR/2026/041, Alábòójútó Dídára Ọjà, Odógunyàn

Sí: Ọ̀gá ẹ̀ka òṣìṣẹ́, Odógunyàn, Ìkòròdú
Ọjọ́: Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 7 oṣù Karùn-ún ọdún 2026

Ọ̀gá mi,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Lẹ́tà yín ti ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 4 oṣù yìí, ni mò ń fèsì sí, èyí tí ẹ fi sọ pé iṣẹ́ di tèmi bí àyẹ̀wò bá jáde dáadáa. Ọjọ́ 18 ni ẹ dá fún mi. Gbogbo ohun tí ẹ bèèrè ló wà níbí, àfi ìwé ẹ̀rí ìwà láti ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá, tíránsíkíríìtì àti fọ́ọ̀mù onídùúró méjèèjì. Màá sọ ibi tí ìkọ̀ọ̀kan wọn dé.

Ọ̀rọ̀ kan wà tó yẹ kó ṣáájú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì pe ilé iṣẹ́ tí mo wà báyìí ní Ṣàgámù, ẹ má sì kọ̀wé sí wọn. Wọn kò tíì mọ̀ pé mò ń lọ, n kò sì lè kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ nígbà tí tiyín kò tíì dájú. Oṣù kan gbáko ni ìwé àdéhùn mi níbẹ̀ ní kí n fi sọ tẹ́lẹ̀. Ọjọ́ 15 oṣù Kẹfà ni ẹ ní kí n bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá fún mi ní lẹ́tà tó fìdí ẹ̀ múlẹ̀ títí ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 15 oṣù yìí, ọjọ́ náà kò ní yẹ̀. Bó bá di ọjọ́ 18, ọjọ́ 22 oṣù Kẹfà ni mo máa lè wọlé. Ìdí tí mo fi tètè kó ìwé wá nìyẹn. Bí mo bá ti fi lẹ́tà ìfiṣẹ́sílẹ̀ lé wọn lọ́wọ́, lọ́jọ́ náà gan-an ni màá sọ fún yín pé ẹ lè pè wọ́n.

Èyí ni àwọn fáìlì tí mo so mọ́ ímeèlì yìí. Gbogbo rẹ̀ kò ju 11 MB lọ:

```
01_Idanimo_Lawal.pdf
02_Oruko_Igbeyawo_ati_Ibura.pdf
03_WAEC_2012.pdf
04_ND_HND_Lawal.pdf
05_NYSC_Lawal.pdf
06_Ise_Epe_2020-2022.pdf
07_Ise_Sagamu_2023.pdf
08_Adiresi_Igbogbo.pdf
09_Ajerii_Meta.pdf
10_Iwe_Iyonda.pdf
```

Pásìwọ́ọ̀dù kan náà ló ṣí fáìlì 01, 06, 07 àti 09. N kò kọ ọ́ síbí, nítorí bí ẹnìkan bá darí ímeèlì yìí síbòmíràn, kọ́kọ́rọ́ á ti bá àpótí lọ. Mo ti fi ránṣẹ́ bí tẹ́ẹ̀sì sí nọ́ńbà tó wà lórí lẹ́tà yín.

Orúkọ ló lè dá àyẹ̀wò dúró jù, torí náà ẹ jẹ́ kí n tú u síta. Àjàyí ni mò ń jẹ́ títí mo fi ṣègbéyàwó ní ọdún 2021. WAEC, ND, HND àti NYSC, Àjàyí ló wà lórí gbogbo wọn. NIN ti di Láwàl, mo ti ṣàtúnṣe rẹ̀ lẹ́yìn ìgbéyàwó. Ìwé ẹ̀rí ìgbéyàwó àti ojú ìwé ìròyìn tí mo fi kéde orúkọ tuntun wà nínú fáìlì 02. Yàtọ̀ síyẹn, lẹ́tà kan ṣì lórí HND: MORONIKE ni wọ́n tẹ̀ síbẹ̀, MORENIKE ló wà níbi gbogbo yòókù. Ẹni tó ń wò ó lórí kọ̀ǹpútà kò ní mọ̀ pé ẹnìkan náà ni, ẹ̀rọ tó ń fi orúkọ wé orúkọ kò sì ní gbà á. Mo ti búra lórí ẹ̀ ní kóòtù nínú oṣù Kìíní ọdún 2019, ìwé ìbúra náà ni ojú ewé tó kẹ́yìn nínú fáìlì 02. Ọjọ́ ìbí mi kò yàtọ̀ síra lórí ìwé kankan.

Lórí ilé ẹ̀kọ́, bí ẹ bá wá Lagos State Polytechnic, ẹ lè má rí i mọ́. Orúkọ yẹn ló wà lórí ND mi ti 2015 àti HND mi ti 2018, ẹ̀kọ́ ìmọ̀ oúnjẹ, ọgbà Ìkòròdú níbí. Ní ọdún 2022 ni ìjọba ìpínlẹ̀ sọ ọ́ di Lagos State University of Science and Technology. Ibẹ̀ náà ni ẹ máa kọ̀wé sí, ṣùgbọ́n kí ẹ kọ orúkọ àtijọ́ àti ọdún tí mo jáde sínú lẹ́tà. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, àárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ni wọ́n á ti máa wá mi. Tíránsíkíríìtì, ọ̀dọ̀ yín ni ilé ẹ̀kọ́ ń fi ránṣẹ́ tààrà, wọn kì í fún akẹ́kọ̀ọ́ ní èyí tí ẹlòmíràn máa gbà gbọ́. Mo ti sanwó rẹ̀ lánàá, àdírẹ́sì yín ni mo kọ sí i. Rìsíìtì wà ní ìparí fáìlì 04. Nínú ẹ̀dà HND tí mo yà, ẹ kò ní rí òǹtẹ̀ gbígbẹ ilé ẹ̀kọ́, torí kò ní yíǹkì: ó di ìgbà tí ẹ bá gbé ojúlówó rẹ̀ dágẹrẹ síná kí ó tó hàn. Màá kó àwọn ojúlówó wá lọ́jọ́ tí ẹ bá pè mí.

Fún WAEC, nọ́ńbà ìdánwò olónkà mẹ́wàá àti PIN wà nínú fáìlì 03. Ẹ yan ọdún 2012, kí ẹ sì mú MAY/JUN ti akẹ́kọ̀ọ́ ilé ìwé. Bí ẹ bá mú ti àwọn aládàáṣe, wọ́n á ní kò sí èsì. Ìgbà márùn-ún ni PIN kan ń ṣiṣẹ́, ẹ̀ẹ̀kan ni mo ti lò ó láti rí i pé ó ń ṣí. Ó ku mẹ́rin.

NIN mi olónkà mọ́kànlá wà nínú fáìlì 01. Bó bá jẹ́ NIN onípààrọ̀ ni ẹ ń lò fún àyẹ̀wò, n kò tíì ṣe é, torí wákàtí 72 péré ló ń lò kó tó kú. Ẹ fi kóòdù ilé iṣẹ́ yín ránṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ tí ẹ fẹ́ lò ó, kí n tẹ

```
*346*3*NIN*AgentCode#
```

kí n sì fi àmì mẹ́rìndínlógún tó bá jáde ránṣẹ́ sí yín lójú ẹsẹ̀. BVN ni n kò fi sí i. Nọ́ńbà àkáǹtì tó ẹ fún owó oṣù, màá sì mú un wá lọ́jọ́ tí mo bá bẹ̀rẹ̀.

Ó wá kan iṣẹ́ àná. Ilé iṣẹ́ tó ń sọ ẹja di èlò ọjà ní Ẹpẹ́, tí mo ti ṣiṣẹ́ láti oṣù Kìíní 2020 sí oṣù Kẹsàn-án 2022, ti kógbá wọlé. Ẹ kò ní rí ẹnikẹ́ni tó máa gbé fóònù níbẹ̀. Dípò lẹ́tà wọn, mo fi lẹ́tà ìgbàsíṣẹ́, ìwé owó oṣù àti àkọsílẹ̀ owó ìfẹ̀yìntì mi sínú fáìlì 06. Ẹ kíyè sí i pé oṣù 31 ló wà nínú àkọsílẹ̀ ìfẹ̀yìntì, kì í ṣe 33. Wọn kò san ti oṣù Kẹjọ àti oṣù Kẹsàn-án 2022 kí wọ́n tó tilẹ̀kùn, torí náà ó lè dà bíi pé oṣù Keje ni mo kúrò. Àkọsílẹ̀ báńkì tó ní sítáàmpù wà lẹ́yìn rẹ̀, ó fi owó oṣù méjèèjì hàn. Àwọn ìnáwó yòókù ni mo ti fi dúdú bò. Láàárín oṣù Kẹwàá 2022 àti oṣù Kẹrin 2023 n kò ṣiṣẹ́ níbì kankan: mo bímọ. Ìwé ìbí ọmọ náà wà tí ẹ bá fẹ́ ẹ, n kò so ó mọ́ ọn nítorí ẹ kò bèèrè rẹ̀. Oṣù Karùn-ún 2023 ni mo bẹ̀rẹ̀ ní Ṣàgámù.

Ajẹ́rìí mẹ́ta ni mo kọ sínú fáìlì 09, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì ti gbà kí n tó kọ orúkọ wọn. Ọ̀kan ni ọ̀gá tó darí iṣẹ́ ní Ẹpẹ́. Gmail ló ń lò nítorí ímeèlì ilé iṣẹ́ ti bá ilé iṣẹ́ lọ, ẹ má jẹ́ kí ìyẹn kọ yín lóminú. Orúkọ òun náà ló wà lábẹ́ lẹ́tà ìgbàsíṣẹ́ mi. Èkejì ni olùkọ́ tó bójú tó iṣẹ́ ìwádìí mi ní HND, ímeèlì ilé ẹ̀kọ́ lòun ń lò. Ẹ̀kẹta ló máa wúlò fún yín jù: ọ̀gá mi tààrà ní Ṣàgámù láti oṣù Karùn-ún 2023 títí di oṣù Kejìlá 2024, kí òun fúnra rẹ̀ tó kúrò. Ó lè sọ bí mo ṣe ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ kan ilé iṣẹ́ náà. Kì í gbé nọ́ńbà tí kò mọ̀, ẹ kọ́kọ́ fi tẹ́ẹ̀sì sọ ẹni tí ẹ jẹ́, kí ẹ wá pè é lẹ́yìn aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́.

Fọ́ọ̀mù onídùúró méjèèjì kò sí nínú ímeèlì yìí, torí yíǹkì gidi ni ẹ ní ẹ fẹ́. Màá gbé wọn wá fúnra mi lọ́jọ́ Ajé, ọjọ́ 11, pẹ̀lú fọ́tò pásípọ́ọ̀tù méjì méjì àti ẹ̀dà káàdì ìdánimọ̀ wọn. Ọ̀kan nínú wọn ti fọwọ́ sí i tẹ́lẹ̀ lọ́nà tí kò bá ti káàdì rẹ̀ mu. Ó ti kọ fọ́ọ̀mù tuntun.

Ẹni tí ẹ máa rán wá wo ilé nílò àlàyé díẹ̀. Ìgbógbó ni mò ń gbé, àdúgbò méjì ló sì ń jẹ́ orúkọ òpópónà wa. Máàpù tí mo yà sínú fáìlì 08 fi èyí tó jẹ́ tiwa hàn: géètì aláwọ̀ ewé, ilé kejì lẹ́yìn ẹ̀rọ omi. Bó bá bèèrè Ọlábísí Láwàl lọ́wọ́ aládùúgbò, wọ́n á ní àwọn kò mọ̀ ọ́n. Kó béèrè Ìyá Tèmi. Orúkọ onílé ló wà lórí rìsíìtì iná, ìdí tí mo fi fi ìwé àdéhùn ilé àti rìsíìtì owó ilé ọdún yìí kún un. Kó má wá lọ́sàn-án ọjọ́ iṣẹ́ o, ilẹ̀kùn títì ló máa bá, wọ́n á sì kọ ọ́ pé kò sẹ́ni tó ń gbébẹ̀. Lẹ́yìn aago mẹ́fà ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́, tàbí ọjọ́ Àbámẹ́ta, ló dára.

Ìwé ọlọ́pàá ló kù. Mo tẹ ìka ní Alágbọn, Ìkòyí, lánàá, Ọjọ́rú. Ìwé tó fi hàn pé mo ti sanwó àti pé mo ti tẹ̀ka wà ní ojú ewé kẹta fáìlì 01. Bó bá ti jáde ni màá fi ránṣẹ́. Bí ẹ kò bá lè parí àyẹ̀wò láìsí i, ẹ tètè sọ fún mi, kí n má baà ka ọjọ́ 15 yẹn lásán.

Fáìlì 10 ni ìyọ̀ǹda tí mo fọwọ́ sí. Gẹ́gẹ́ bí Òfin Ààbò Détà ti Nàìjíríà ọdún 2023, mo gbà kí ẹ̀yin àti ẹni tí ẹ bá gbé àyẹ̀wò fún lo ìwé wọ̀nyí fún ọ̀rọ̀ ìgbàsíṣẹ́ yìí nìkan. Ilé iṣẹ́ Ṣàgámù kò sí nínú ìyọ̀ǹda náà títí màá fi kọ̀wé mìíràn. Bí iṣẹ́ náà kò bá bọ́ sí i, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa àwọn ẹ̀dà rẹ́, kí ẹ sì kọ̀wé sí mi pé ẹ ti ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fèsì pé fáìlì mẹ́wẹ̀ẹ̀wá dé, wọ́n sì ṣí. Bí ọ̀kan bá kọ̀ tí kò ṣí, ẹ sọ nọ́ńbà rẹ̀, màá tún un fi ránṣẹ́ lọ́jọ́ kan náà. Lẹ́yìn aago márùn-ún ni mo máa ń lè gbé fóònù. Kó tó dìgbà náà, ímeèlì tàbí tẹ́ẹ̀sì ló yá.

Ẹ ṣeun púpọ̀.

Ọlábísí Mọ́rẹ́nikẹ́ Láwàl
Ìgbógbó, Ìkòròdú