Àdéhùn lórí gbígbé ìpékeré àti búrẹ́dì nínú ọkọ̀ kan, láti Àkúrẹ́ dé Oǹdó

Ọ̀bá-Ilé, Àkúrẹ́
18 oṣù kẹjọ, 2025

Ẹ̀gbọ́n mi,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú ooru ilé búrẹ́dì. Ọ̀rọ̀ tí a jọ sọ lọ́jọ́ Sátidé ni mo kọ sílẹ̀ yìí. Ẹ bá mi kà á, kí ẹ sì tún ibi tó bá kù díẹ̀ káàtó ṣe kí a tó fọwọ́ sí i.

Ọkọ̀ yín ni yóò máa kó ìpékeré mi mọ́ búrẹ́dì yín lọ sí ṣọ́ọ̀bù 42 tí ẹ ń já ọjà fún, láti Àràkàlẹ̀ àti Ọ̀yẹ́mẹ́kùn dé ẹnu géètì FUTA, àti àwọn tó wà ní ọ̀nà Ọ̀wẹ̀nà títí wọ ìlú Oǹdó. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Ọjọ́bọ̀ àti Sátidé ni. Mi ò ní kó ju páálí 30 wá lẹ́ẹ̀kan, torí búrẹ́dì ló ni ọkọ̀. Oṣù 3 la ó fi dán an wò, láti 1 oṣù kẹsàn-án di 30 oṣù kọkànlá.

Ní ti owó ọkọ̀, ẹ ní kí n máa yọ ₦10 fún yín nínú ₦100 tí mo bá pa. Ẹ má bínú, mi ò lè fara mọ́ ọn. Bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá wọ́n, owó ìpékeré á gbéra, èrè mi á sì tún já wálẹ̀. Bẹ́ẹ̀, páálí kan náà lọkọ̀ gbé, kò wúwo ju ti àná lọ. Ẹ jẹ́ ká fi iye kan sí páálí: ₦600 fún èyí tó bá dúró ní Àkúrẹ́, ₦900 fún ti Ọ̀wẹ̀nà àti Oǹdó. ₦100 tún wà lọ́tọ̀ lórí páálí kọ̀ọ̀kan fún ọmọ tó ń já ọjà, kó má baà fi tèmi sẹ́yìn ọkọ̀. Bí lítà bẹntiróòlù bá ti kọjá ₦1,100 níbi tí ẹ ti ń rà á, ẹ pè mí, a ó jọ tún owó náà wò.

Àwìn ló gba ìrònú jù. Oníṣọ́ọ̀bù á san owó búrẹ́dì àná kó tó gba tòní, torí bí kò bá san án, kò ní rí búrẹ́dì tà láàárọ̀. Ìpékeré ò rí bẹ́ẹ̀. Ó lè jókòó sórí pẹpẹ fún ọ̀sẹ̀ 3, kí ẹni tó gbà á ti gbàgbé pé òun jẹ gbèsè. Tí a bá da owó pọ̀, ₦5,000 tí ẹnì kan mú wá á wọnú búrẹ́dì, èyí tó kù nílẹ̀ á di tèmi nìkan. Ẹni tí mo kọ́kọ́ bá ṣe irú èyí, títí dòní mi ò mọ iye tí mo jẹ ẹ́ tàbí iye tó jẹ mí, a ò sì kí ara wa dáadáa mọ́. Mi ò fẹ́ kí èyí ṣẹlẹ̀ sí èmi àti ẹ̀yin.

Nítorí náà, ìwé rísíìtì 2, àpò owó 2. Tíránsífà ìpékeré á wọ àkáǹtì tèmi tààrà. Ṣọ́ọ̀bù 15 tí mo bá kọ orúkọ wọn nìkan ló lè gbà á láwìn, kò sì gbọdọ̀ ju páálí 1 lọ. Gbèsè wọn, èmi ni mo ni ín. Àwìn tí ọmọ yín bá tà lẹ́yìn ìyẹn, ẹ̀yin lẹ ó san án fún mi níparí oṣù. Èmi náà ò ní bá yín dá sí gbèsè búrẹ́dì.

Alẹ́ Sátidé la ó máa ṣírò. Bí páálí 24 bá tà ní Àkúrẹ́ ní ₦8,000, ₦192,000 nìyẹn. Ẹ yọ ₦14,400 ti ọkọ̀ àti ₦2,400 ti ọmọ, ₦175,200 ló kàn mí.

Èyí tó bá fọ́ tàbí tí òjò pa nínú ọkọ̀, ẹ̀yin lẹ ni ín, àyàfi tí páálí mi bá ti ya kó tó wọkọ̀. Èyí tí kò tà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 4, ẹ bá mi dá a padà. Mi ò ní gba owó ọkọ̀ rẹ̀ padà, ẹ kúkú ti gbé e dé. Bí àwọn NAFDAC bá dá ọjà mi dúró, ọ̀rọ̀ tèmi ni.

Ẹ má gbé ìpékeré ẹlòmíràn, èmi náà ò ní fi tèmi sínú ọkọ̀ bekiri mìíràn. Bí ẹ bá fẹ́ máa dín ìpékeré tiyín, ẹ sọ fún mi ní oṣù 3 ṣáájú. Ẹni tó bá fẹ́ jáwọ́ á kọ̀wé ní ọjọ́ 30 ṣáájú, lẹ́yìn náà, mo ṣì lè máa tà fún ṣọ́ọ̀bù tí mo bá mọ̀ nípasẹ̀ yín.

Mo ń bọ̀ ní bekiri lọ́jọ́ Jímọ̀, 22 oṣù yìí, ní agogo 4 ìrọ̀lẹ́, pẹ̀lú ẹ̀dà 2. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ni ẹlẹ́rìí tèmi. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ mú ẹnì kan dání.

Àbúrò yín,
Onípékeré Ọ̀bá-Ilé