Ẹ̀rọ Ìtẹ̀wé àti Àṣẹ Nínú Ìjọ

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ààrẹ ẹgbẹ́ onímọ̀ ìtàn, ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, ẹ káàsán o.

Ní 1415, wọ́n dáná sun Jan Hus, àlùfáà ará Bohemia, ní ìlú Constance nítorí ẹ̀kọ́ rẹ̀. Púpọ̀ nínú ohun tó wí nípa Póòpù àti ìwé ìdáríjì ẹ̀ṣẹ̀ tí ìjọ ń tà ni Martin Luther, àlùfáà ará Jámánì, náà wá wí ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn náà. Kí ló dé tí ọ̀rọ̀ Hus kò fi fi bẹ́ẹ̀ kọjá ilẹ̀ Bohemia, tí ti Luther sì gba Yúróòpù kan? Òótọ́ ni pé Luther rí ìjòyè ńlá tó dáàbò bò ó. Ṣùgbọ́n Luther ní ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, Hus kò ní.

Gutenberg, ará Jámánì tó kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ tẹ̀wé ní Yúróòpù, ló parí Bíbélì rẹ̀ ní ìlú Mainz ní nǹkan bí 1455. Lẹ́tà onírin ni wọ́n ń tò lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á fi yíǹkì kùn ún, wọ́n á tẹ bébà mọ́ ọn. Ẹ gbọ́ èyí o: láàárín ìgbà yẹn kan náà ni wọ́n ń tẹ ìwé ìdáríjì fún ìjọ ní Mainz. Wọ́n á fi àlàfo sílẹ̀ fún orúkọ ẹni tó rà á àti ọjọ́ tó rà á. Ìjọ gan-an wà lára àwọn tó kọ́kọ́ jàǹfààní ẹ̀rọ náà.

Nígbà tí Luther wá kọ kókó márùn-dín-lọ́gọ́rùn-ún rẹ̀ lòdì sí títa ìwé ìdáríjì ní 1517, kí ọdún tó parí, wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ ní Leipzig, Nuremberg àti Basel. Èdè Látìnì ni, àwọn ọ̀mọ̀wé ló yé. Èyí tó dun àwọn aláṣẹ jù ni Májẹ̀mú Tuntun tí Luther túmọ̀ sí èdè Jámánì, tó jáde ní oṣù Kẹsàn-án 1522. Nígbà tó fi di oṣù Kejìlá, wọ́n ti ní láti tún un tẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀wé, àmọ́ ẹnì kan á kà á sókè, àwọn yòókù á máa gbọ́, wọ́n á sì béèrè lọ́wọ́ àlùfáà pé, "Níbo ni wọ́n kọ ohun tí ẹ ń wí yìí sí?"

Iná kò ran ọ̀rọ̀ náà mọ́. Ní 1526, bíṣọ́ọ̀bù Lọ́ńdọ̀nù ń sun Májẹ̀mú Tuntun tí Tyndale túmọ̀ sí èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ọdún yẹn náà ni wọ́n tún ń tẹ òmíràn ní Antwerp.

Àwọn kan á ní àṣẹ kàn kúrò lọ́wọ́ Póòpù bọ́ sọ́wọ́ Luther ni. N kò gbà bẹ́ẹ̀. Ní 1525, àwọn àgbẹ̀ Jámánì tẹ ẹ̀bẹ̀ méjìlá jáde láti Memmingen: ẹ dín owó ilẹ̀ tí à ń san kù, ẹ má fi wá ṣe ẹrú. Wọ́n to ẹsẹ Bíbélì sí etí ìwé náà láti fi ti ọ̀rọ̀ wọn lẹ́yìn. Nígbà tí wọ́n gbé ìjà dìde, Luther bínú, ó kọ̀wé pé kí àwọn ìjòyè pa àwọn ọlọ̀tẹ̀. Wọ́n sì pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn. Ṣùgbọ́n àwọn àgbẹ̀ wọ̀nyẹn ti ka Bíbélì fúnra wọn, wọn kò sì dúró de kí Luther sọ ìtumọ̀ rẹ̀ fún wọn.

Ẹ ṣeun púpọ̀.